Bí Òjìji Inú Fọ́tò Ṣe Ń Sọ Ibi àti Àsìkò Tí Wọ́n Yà Á

Fọ́tò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí àwòrán lásán kì í ní àkọsílẹ̀ aago àti ibi tí wọ́n ti yà á mọ́. Òjìji inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí oòrùn bá ràn dáadáa, tí a sì mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á, gígùn òjìji àti ìhà tó nà sí tó láti fojú díwọ̀n látítíúdì ibẹ̀, ìyẹn bó ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, níhà àríwá tàbí níhà gúúsù. Wọ́n á tún sọ bí àsìkò náà ṣe jìnnà sí ọ̀sán gangan, ìyẹn ìgbà tí oòrùn dé góńgó.

Ọjọ́ ni a ń kọ́kọ́ wá, torí pé oòrùn kì í gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí 21 oṣù Kẹfà, orí látítíúdì 23.4 ní àríwá ló máa ń wà lọ́sàn-án gangan. Ní 21 oṣù Kejìlá, ó ti bọ́ sí 23.4 ní gúúsù, àmì òdì la sì fi ń kọ ọ́: −23.4. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí òpó tó ga ní mítà 2. Lọ́sàn-án ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, òjìji rẹ̀ ní Èkó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 1.2, ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù á lé ní mítà 7. Ẹni tó bá rí òjìji gígùn bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò Kérésìmesì tí wọ́n ní ọ̀sán gangan l'Ékòó ni àwọn yà á, ó yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀.

Ká mú fọ́tò kan tí wọ́n yà ní 21 oṣù Kejìlá nínú ọgbà ilé kan tí wọ́n ní ó wà l'Ékòó, ká sì ṣírò rẹ̀ títí dé òpin. Òpó géètì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ. Búlọ́ọ̀kù kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 22.5, bí a bá sì fi sìmẹ́ńtì tó wà láàárín wọn kún un, ìlà kan jẹ́ nǹkan bí 25. Ìlà mẹ́fà la kà, nítorí náà òpó náà ga ní mítà 1.5. Ìńtálọ́ọ̀kù ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, èyí tó gùn ní 20, tó sì fẹ̀ ní 10. Òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀tàn kámẹ́rà, torí pé òjìji tó ń bọ̀ síhà ẹni tó ń ya fọ́tò kì í jọ bó ṣe gùn gan-an. A ò fi rúlà wọn ojú fọ́tò; ìńtálọ́ọ̀kù là ń kà.

Ó ku ìhà. Díṣì DStv kan wà lórí òrùlé, sátẹ́láìtì tó sì ń wò wà lókè lọ́ńgítíúdì 36 níhà ìlà-oòrùn. Ní Èkó, díṣì bẹ́ẹ̀ máa ń kọjú sí nǹkan bí dígírì 100 tí a bá kà á láti àríwá lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹn ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù. Ní Kánò, yóò tó 112. A fi 100 bẹ̀rẹ̀. Bí èsì bá gbé wa lọ síbòmíràn, a ó pààrọ̀ rẹ̀, a ó sì tún un ṣe.

Àwọn ìlà ìńtálọ́ọ̀kù náà bá ìhà tí díṣì kọjú sí lọ déédéé. Láti ẹsẹ̀ òpó dé orí òjìji, a ka gígùn méje lọ síwájú àti fífẹ̀ mẹ́rìnlá sọ́wọ́ òsì. Mítà 1.4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òjìji gùn ní mítà 1.98, ó sì yà ní dígírì 45 sí òsì díṣì. 100 yọ 45 kù 55. Oòrùn wà ní òdìkejì òjìji, ní 235. Bí òjìji ṣe nà síhà ìlà-oòrùn, ọ̀sán ti kọjá.

Nínú ìṣirò tó tẹ̀ lé e, h ni gíga oòrùn, A ni ìhà tó wà, δ ni látítíúdì tí oòrùn wà lórí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyẹn −23.4, φ ni látítíúdì, H sì ni ìwọ̀n tó ti rìn kọjá ọ̀sán gangan:

```
tan h = gíga òpó / gígùn òjìji
sin δ = sin φ × sin h + cos φ × cos h × cos A
sin H = −sin A × cos h / cos δ
```

1.5 pín sí 1.98 fún wa ní h = dígírì 37.1. Fún ìlà kejì, ọ̀nà tó rọrùn jù ni ká máa dán φ wò títí ọwọ́ ọ̀tún yóò fi di −0.397, tí í ṣe sin δ. Bí φ bá jẹ́ 5, a rí −0.403, bó bá jẹ́ 6, a rí −0.392. Ìdáhùn wà láàárín: 5.5 ní àríwá. Èkó wà ní 6.5, ìyẹn ni pé ìṣirò yìí gbé ilé náà sínú òkun, nǹkan bí kìlómítà 110 sí gúúsù. Kò burú fún ohun tí a fi búlọ́ọ̀kù àti díṣì wọ̀n.

H jẹ́ dígírì 45.4. Oòrùn ń rìn ní dígírì 15 láàárín wákàtí kan, nítorí náà wákàtí mẹ́ta àti bí ìṣẹ́jú méjì ti kọjá lórí ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan kì í ṣe aago méjìlá. Aago Nàìjíríà bá lọ́ńgítíúdì 15 níhà ìlà-oòrùn mu, Èkó sì wà ní 3.4, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni dígírì kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ìyẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú 46, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń ṣáájú ní bí ìṣẹ́jú méjì ní ọjọ́ yẹn, nítorí náà kò dé góńgó l'Ékòó títí di aago 12:44, èyí tó fi aago fọ́tò sí nǹkan bí 3:46 ọ̀sán.

Ìhà ló sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Nínú fọ́tò wa, bí a bá ṣi òjìji wọ̀n ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, látítíúdì á yẹ̀ ní bíi dígírì 2. Bí a bá ṣi ìhà ní dígírì 5 péré, á yẹ̀ ní nǹkan bí 5, èyí tó tó bíi kìlómítà 550. Ilẹ̀ tó dagun náà ń purọ́: òjìji tó ń sọ̀ kalẹ̀ máa ń gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Orí òjìji pàápàá kì í mú ṣáṣá, nítorí oòrùn fẹ̀. Fún òpó wa, bíbàìbàì náà tó sẹ̀ǹtímítà 4, ọyẹ́ oṣù Kejìlá á sì tún fi kún un. Fọ́tò sẹ́lífì míì wà tí fóònù ti yí òsì rẹ̀ padà di ọ̀tún, tí àárọ̀ á fi di ọ̀sán nínú ìṣirò. Lẹ́tà ara aṣọ tàbí nọ́ńbà mọ́tò tó bá kọ ẹ̀yìn ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Bí ọjọ́ bá sì jẹ́ àfojúbù, ẹ wo oṣù tó jẹ́. Ní àárín oṣù Kejìlá, àṣìṣe ọ̀sẹ̀ kan ò tó nǹkan, torí pé oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ kan náà á yí δ padà ní dígírì 2.8.

Àwọn kan gbà pé ní àríwá ayé, àríwá ni òjìji ọ̀sán máa ń nà sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti nǹkan bí 7 oṣù Kẹrin sí 5 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán wà ní àríwá Èkó, gúúsù ni òjìji sì ń ṣubú sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin àsìkò yẹn, oòrùn dúró sórí tààrà, òpó wa á sì ní òjìji tí kò tó sẹ̀ǹtímítà 5, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè ka ìhà rẹ̀. Kò pọn dandan ká kà á: irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò lè jìnnà ju dígírì 2 lọ sí látítíúdì tí oòrùn wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àsìkò rẹ̀ kò sì lè yẹ̀ ju bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ sí ọ̀sán gangan.