Iye owó ara bọ́ọ̀dù kọ́ ni iye owó ìrìn

Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá bá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, lítà epo ti di 900 náírà, yúníìtì iná kan ò ju 210 lọ. Ọkọ̀ oníná ni kí n rà, àbí?" Ó máa ń dùn mí, torí àwọn tó ń fi ìṣirò yìí tajà mọ̀ pé kò pé. Lítà epo kan àti yúníìtì iná kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi owó kóńgò ìrẹsì kan wé owó ife gàrí kan.

Agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù kan tó nǹkan bíi yúníìtì iná 9. Àmọ́ ẹ̀ńjìnnì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ di ooru. Ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mọ́níyà dé Dùgbẹ̀, ẹ ó mọ ibi tí owó yín gbà lọ. Mọ́tò oníná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Nítorí náà, ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè ni èló ni kìlómítà kan máa jẹ.

Àbúrò mi ń rin nǹkan bíi 750 kìlómítà lóṣù. Mo ní kó yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, irú èyí tó wù ú láti rà. Ó rọ epo títí ẹnu páǹpù fi já fúnra rẹ̀, ó kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó wá wà á fún ọ̀sẹ̀ kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó máa ń bá a lójoojúmọ́. Ó padà sí páǹpù kan náà, ó rọ ọ́ kún bíi ti àkọ́kọ́. Lítà 16 ló wọlé, kìlómítà 200 ló ti rìn. Lítà 8 ni 100 kìlómítà jẹ nìyẹn: bí lítà kan bá jẹ́ 900, ó di 7,200 náírà, tàbí 72 náírà fún kìlómítà kan.

Dísù wọ́n ju bẹntiróòlù lọ lára bọ́ọ̀dù ilé epo, ṣùgbọ́n ọkọ̀ dísù kì í jẹ tó o. Bí lítà rẹ̀ bá jẹ́ 1,100, tí ọkọ̀ náà sì ń jẹ lítà 6 ààbọ̀ fún 100 kìlómítà, owó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ gáàsì si-ẹn-ji ló ń da àwọn èèyàn rú jù. Ilé gáàsì kan lè tà á ní kúbíìkì mítà, kí òmíràn tà á ní kìlò. Kúbíìkì mítà kan kò ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá kìlò lọ. Ẹni tó tà á ní 450 fún kúbíìkì mítà àti ẹni tó tà á ní 640 fún kìlò, owó kan náà ni wọ́n ń gbà. Ọkọ̀ àbúrò mi yóò jẹ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 7 fún 100 kìlómítà, ìyẹn nǹkan bíi 32 náírà fún kìlómítà kan. Èrè 40 náírà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí yíyí ọkọ̀ sí gáàsì bá jẹ mílíọ̀nù kan, ó di 25,000 kìlómítà kí owó náà tó padà. Fún ẹni tó ń rin 750 lóṣù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta.

Ọkọ̀ oníná kékeré kan lè gba yúníìtì 18 lára mítà ilé fún 100 kìlómítà, torí díẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà tí wọ́n bá ń ṣáàjì bátìrì. Ní 210, kìlómítà kan jẹ́ nǹkan bíi 38 náírà. Ó dáa, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó epo tí wọ́n ń pariwo.

Ìyẹn sì jẹ́ bí iná bá wà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mú ju nǹkan bíi yúníìtì 2 jáde nínú lítà epo kan. Yúníìtì 18 yóò jẹ lítà 9, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ bẹntiróòlù fúnra rẹ̀ lítà 8 ló ń jẹ. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì ọkọ̀ ń san ju owó epo tó ń sá fún lọ.

N kò lè sọ èyí tó dára jù fún gbogbo èèyàn, torí owó ń yí padà, ọkọ̀ sì yàtọ̀ síra. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi sílíńdà gáàsì ìdáná yí ọkọ̀ padà nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Gáàsì ọkọ̀ ń ti ara sílíńdà ní nǹkan bí ìlọ́po ogún ti gáàsì ìdáná. Ẹ wo ara sílíńdà tí wọ́n bá fẹ́ fi sínú ọkọ̀ yín fún ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò. Bí ẹ bá rí ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.