Pé ẹnì kan fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ kò sọ pé o ti gbàṣẹ

"Ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo fi ránṣẹ́ sí mi." Ohun tí mo sọ nìyẹn nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan fi ìbínú pè mí, mo sì rò pé ó tó láti dá mi láre. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Mo mú fọ́tò rẹ̀ kan tó wà lọ́wọ́ mi, mo gbé e fún irinṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó máa ń ya àwòrán, mo ní kó yà á bí ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì ńlá nínú ọ́fíìsì. Mo gbé e síta, mo kọ "Ọ̀gá wa tuntun" sí i lábẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń bá a yọ̀ pé ó ríṣẹ́ tuntun, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ sì ti ń bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá fún wa ní fọ́tò ti yọ̀ǹda ohunkóhun tá a bá fi í ṣe. Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ni mo yà á, tèmi ni." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ti àwọn yẹn, torí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ya fọ́tò ló máa ń ni ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ni fọ́tò kọ́ ló ni ojú tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni fọ́tò máa ń sọ. Àwòrán tá a fà yọ látinú rẹ̀ ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ojú ẹni ẹlẹ́ni ló sì fi ń sọ ọ́. Àwòrán tuntun yẹn ló yẹ ká gbàṣẹ fún.

Irinṣẹ́ náà kì í gé ojú láti ibì kan lẹ̀ mọ́ ibòmíràn. Ohun tó bá rí nínú fọ́tò ló ń tẹ̀ lé, èyí tí kò rí, á fi ti àwọn àwòrán tó ti fi kọ́ṣẹ́ dí i. Ọ̀rẹ́ mi ní èjí, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu dé nínú fọ́tò tí mo lò. Mo ní kí ẹ̀rọ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín, ó sì to eyín fún un, pẹ́kípẹ́kí, láìsí àlàfo kankan. Èmi ò tiẹ̀ rí i. Òun ló kọ́kọ́ bi mí: "Èjí mi dà?"

Nínú Stable Diffusion, ọ̀kan lára irú irinṣẹ́ yìí, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní `Denoising strength`, òun ló ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa yí padà tó, láti 0 dé 1. Ní 0.2, fọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ní 0.9, ẹlòmíràn pátápátá lè jáde. Àárín ni wàhálà wà: gbogbo èèyàn ṣì dá a mọ̀, àmọ́ àpá ojú ti lọ, àwọ̀ ti mọ́lẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí "bẹ́ẹ̀ ni" tẹ́nì kan sọ kó tó rí àwòrán kò fi tíì tó.

Ti ẹbí ńkọ́? Òfin ààbò ìsọfúnni ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018, yọ ohun téèyàn ń ṣe láàárín ilé rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì rọ̀ mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2003, lábẹ́ òfin tó ṣáájú rẹ̀, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ti sọ pé ohun téèyàn bá gbé sórí ìkànnì tí gbogbo ayé lè ṣí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé mọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń béèrè nísinsìnyí: "Mo fẹ́ fi fọ́tò tó o yà létí òkun yà ọ́ bí awakọ̀ òfuurufú. Inú gúrúùpù wa nìkan ni màá fi sí. Màá kọ́kọ́ fi hàn ọ́. Ṣé kí n ṣe é?" Bí kò bá dáhùn, mi ò ṣe é. Bó bá sì gbà, ti awakọ̀ òfuurufú nìkan ló gbà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní LoRA tún wá yàtọ̀. Èèyàn á kó bí ogún fọ́tò ẹnì kan jọ, á fi kọ́ ẹ̀rọ, fáìlì kan á jáde tó lè ya ẹni náà síbikíbi, ní ìgbàkígbà. Mo ṣe é fún àbúrò mi, òun náà sì gbà. Nígbà tó yí ọkàn padà, mo pa gbogbo fọ́tò rẹ̀ rẹ́. Fáìlì náà ṣì ń yà á, àfìgbà tí mo pa òun fúnra rẹ̀ rẹ́, pẹ̀lú ẹ̀dà tí mo ti fún ẹnì kan.