Ẹ Gbé Abẹ Jìnnà sí Kókó Àtẹ́lẹsẹ̀

Ọ̀rọ̀ abẹ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá wa, abẹ ti bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kókó kékeré kan á yọ, àwọn èèyàn á ní àwọn fẹ́ hú gbòǹgbò rẹ̀. Kò ní gbòǹgbò! Kókó yìí, tí àwa dókítà ń pè ní wáàtì, kì í kọjá awọ òkè. Fáírọ́ọ̀sì pàpílómà ló ń fà á. Ibi tí awọ bá ti là tàbí tó ti bó díẹ̀ ló ń gbà wọlé, á sì máa mú kí awọ ibẹ̀ hù ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ni, á yọ síta. Ṣùgbọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀, ìwúwo ara wa ló ń tẹ̀ ẹ́ wọnú, awọ líle á wá bò ó, tí a bá ń rìn á dà bí ìgbà tí òkúta wà nínú bàtà. Ohun tó ń mú un dunni nìyẹn. Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé ẹ tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ gbowó ètùtù ni.

Tí a bá ha awọ líle náà kúrò, a ó rí àmì dúdú tín-tìn-tín. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú òpójẹ̀ kéékèèké ni, òun ni àwọn kan ń pè ní gbòǹgbò tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ wú. Kí ẹ má bàa pè é ní kọ́ọ̀nù, ìyẹn awọ líle tí bàtà tó ń ha ẹsẹ̀ máa ń fà, ẹ fi ìka méjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Fífún báyìí ló máa ń dun wáàtì jù; kọ́ọ̀nù ní tirẹ̀, títẹ̀ lórí gan-an ló ń dùn ún. Ìlà awọ ẹsẹ̀ náà kì í gba orí wáàtì kọjá, ṣe ló máa ń yà fún un.

Ìyá aláta kan gbé gìgísẹ̀ wá. "Dókítà, ọ̀kan ṣoṣo ni tẹ́lẹ̀, ẹ wá wò ó báyìí." Kókó wẹẹrẹ ti so mọ́ra wọn yí ti àkọ́kọ́ ká.

Mo bi í pé, "Ìyá, ta ló gé e?"

"Ọmọ tó ń kiri gé èékánná lọ́jà ni."

Abẹ yẹn ti gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn kó tó kan tirẹ̀. Bó ṣe ń gé e tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ó ń gbin fáírọ́ọ̀sì náà sí awọ tó wà nítòsí, yàtọ̀ sí àrùn jẹ́dọ̀jẹ́dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè kó wọ̀ ọ́. Nílé, òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń lo òkúta ìfọsẹ̀ kan. Mo ní kó bọ́ bàtà ọmọ náà kí n wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ó ti ní ọ̀kan.

Ásíìdì sálísílíìkì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni mo fún un. Lálaalẹ́, kó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kó ha awọ funfun tó ti kú kúrò, kó fi fasilíìnì yí awọ tó dáa ká, kó kán oògùn sórí kókó nìkan, kó jẹ́ kó gbẹ, kó sì fi pílásítà bò ó. Tó bá ti ń ta á jù, kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tó fi ń ha á kò gbọdọ̀ kan èékánná, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ lò ó. Ó tó ọ̀sẹ̀ 12 kéèyàn tó sọ pé kò ṣiṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kejì sì ni ọ̀pọ̀ máa ń jáwọ́. Ìyá yìí kò jáwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ 11, ìlà awọ ti gba orí ibẹ̀ kọjá, mo sì sọ fún un pé ó ti parí. Ti ọmọ rẹ̀, mo fi sílẹ̀, nítorí kò dùn ún. Ọ̀pọ̀ tọmọdé ló ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 1 sí 2. Sálúbàtà ni mo ní kó máa wọ̀ wọ balùwẹ̀ àjùmọ̀lò.

Àwọn kan á ní àfi ká fi náítírójìn olómi, tó tutù ju yìnyín lọ, dì í. À ń ṣe é, lọ́sẹ̀ 2 sí 3 síra wọn, ṣùgbọ́n ó ń dunni, ó sì lè fi àbààwọ́n sára awọ dúdú. Ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtéènì lọ́dún 2011 fi í wé ásíìdì yìí ní àtẹ́lẹsẹ̀: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí èèyàn 14 nínú 100 ló bọ́ lọ́wọ́ wáàtì pátápátá, lọ́nà méjèèjì.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dán èyíkéyìí wò nílé. Ọkùnrin kan da omi bátìrì sórí tirẹ̀. Kò dùn ún, torí àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rò pé oògùn ń jẹ́ ni. Òórùn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, a sì gé ìka ẹsẹ̀ méjì. Bákan náà ni àbààwọ́n dúdú tó bá ń fẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀: ẹ má kán ohunkóhun sí i, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ awọ. Ẹ gbé e wá ká gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò.