Gígùn bẹ́líìtì àti àlàfo láàárín púlì méjì tí kò fẹ̀ bákan náà

Bí púlì méjì bá ń fi bẹ́líìtì kan yí, gígùn bẹ́líìtì náà ló ń sọ bí wọn yóò ṣe jìnnà síra tó. Àlàfo tí à ń wí níhìn-ín ni láti àárín ọ̀pá púlì kan dé àárín ọ̀pá púlì kejì, kì í ṣe láti etí dé etí. Ní Òṣogbo, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń jáde jù ni ibi ìlọta àti ibi ìlọ-gàrí, bí irú àwọn tó yí ọjà Ìgbọ̀nà ká. Púlì kékeré ló máa ń wà lára mọ́tọ̀ iná tàbí ẹ́ńjìnnì, ńlá á sì wà lára ẹ̀rọ ìlọta, kí ẹ̀rọ náà má baà sáré jù. Wẹ́dà ló ń jó ìjókòó irin tí méjèèjì dúró lé. Tí wọ́n bá ti jó o tán, àyè díẹ̀ ló kù láti sún mọ́tọ̀ síwá tàbí sẹ́yìn, nítorí náà ó dára kí ìṣirò ṣáájú iná wẹ́dà.

Ìlànà tí a fi ń mọ gígùn bẹ́líìtì nìyí. D ni fífẹ̀ púlì ńlá láti ẹ̀gbẹ́ kan gba àárín dé ẹ̀gbẹ́ kejì, d ni ti kékeré, C ni àlàfo, L sì ni gígùn bẹ́líìtì:

```
L = 2C + 1.57(D + d) + (D − d)²/(4C)
```

2C ni apá méjì tí bẹ́líìtì fi nà gbọọrọ láàárín púlì. 1.57 jẹ́ ìdajì 3.14, nítorí pé bẹ́líìtì ń yí nǹkan bí ìdajì púlì kọ̀ọ̀kan ká. Apá kẹta ni àtúnṣe tó wà nítorí pé púlì kan tóbi ju ìkejì lọ: bẹ́líìtì kò nà ní ọgbọọgba, ó ń dagun díẹ̀. Àtúnṣe yìí kéré nígbà tí púlì bá jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá tóbi gan-an tí wọ́n sì sún mọ́ra, a kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó. Fún púlì 20 íńṣì àti 4 íńṣì tí àlàfo wọn jẹ́ 20 íńṣì, apá kẹta nìkan jẹ́ 3.2 íńṣì.

Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni nọ́ńbà ara bẹ́líìtì. Nínú bẹ́líìtì onígun tí wọ́n ń tà fún ẹ̀rọ ìlọta, B75 túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì irú B ni, inú rẹ̀ sì gùn ní 75 íńṣì. Ṣùgbọ́n gígùn tí ìlànà òkè yìí ń sọ ni ti okùn tó wà nínú rọ́bà, èyí tó ń gbé agbára, tó sì sún mọ́ ẹ̀yìn bẹ́líìtì ju inú rẹ̀ lọ. Fún irú B, okùn náà gùn ju inú lọ ní nǹkan bí 1.8 íńṣì, fún irú A, nǹkan bí 1.3 íńṣì. Fífẹ̀ púlì náà bákan náà ni: ibi tí okùn ń gbà la ń kà. Etí púlì irú B fẹ̀ ju ibẹ̀ lọ ní nǹkan bí 0.35 íńṣì. Bí téèpù bá sọ 12.35 lójú etí, 12 la ó fi ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rọ kan. Mọ́tọ̀ iná ń yí ní ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan, púlì rẹ̀ jẹ́ 5 íńṣì, ti ẹ̀rọ ìlọta jẹ́ 12. Ẹ̀rọ ìlọta yóò máa yí ní ìgbà 600, àlàfo kò sì ní yí iye yìí padà. A fẹ́ kí àlàfo jẹ́ 24 íńṣì. Apá kìíní jẹ́ 48, ìkejì jẹ́ 26.69, ìkẹta jẹ́ 0.51. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 75.2 íńṣì. A yọ 1.8 kúrò, ó ku 73.4. Kò sí bẹ́líìtì tó ń jẹ́ B73.4, nítorí náà ohun tó wà lórí àtẹ la ó rà, a ó sì fi ṣírò àlàfo padà:

```
K = L − 1.57(D + d)
C = (K + √(K² − 2(D − d)²)) / 4
```

Ká ní B75 ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Okùn rẹ̀ jẹ́ 76.8 íńṣì. K jẹ́ 50.11, C sì jẹ́ 24.8. Èyí ni ibi tí wẹ́dà yóò lu ihò bóòtù mọ́tọ̀ sí, kì í ṣe 24 tí a kọ́kọ́ fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi orí ṣe é lè rántí pé íńṣì kan lórí bẹ́líìtì ń sún mọ́tọ̀ ní nǹkan bí ìdajì íńṣì.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣírò rárá. Wọ́n á fi okùn yí etí púlì méjèèjì ká, wọ́n á fa okùn náà le, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà náà dára, bí a bá rántí pé etí ni okùn gbà, kì í ṣe inú bẹ́líìtì. Fún irú B, a máa ń yọ nǹkan bí íńṣì 3 kúrò; fún irú A, íńṣì 2. Lórí ẹ̀rọ wa yìí, okùn yóò sọ 76.3. Ẹni tó bá fi iye yẹn ra B76 láì yọ nǹkan kan yóò rí i pé mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ní 1.3 íńṣì kọjá ibi tó dúró sí. Bí ihò bóòtù bá gùn ní íńṣì kan péré, bẹ́líìtì kò ní le láéláé. Ẹ̀rọ á máa yí dáadáa lófìfo, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da ata sí i, bẹ́líìtì á máa yọ̀, á máa ké, òórùn rọ́bà á gbòde, púlì kékeré á sì gbóná.

Púlì kékeré ni ìjàǹbá máa ń kọ́kọ́ dé bá, nítorí pé bẹ́líìtì kì í gbá a mú tó ìdajì òbìrí. Ìwọ̀n dígírì tí bẹ́líìtì fi gbá a mú jẹ́ nǹkan bí 180 − 57.3(D − d)/C. Ní àlàfo 24.8, ó jẹ́ nǹkan bí 164, èyí tó pọ̀ tó. Bí ó bá kéré sí 120, àlàfo ti kúrú jù fún púlì náà. Àlàfo tó gùn jù náà kò dára, nítorí pé bẹ́líìtì á máa mì jìgìjìgì lójú iṣẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò ni pé kí àlàfo má kéré sí 0.7(D + d), kó má sì ju 2(D + d) lọ. Fún púlì wa méjèèjì, èyí jẹ́ láti nǹkan bí 12 dé 34 íńṣì.

Kì í ṣe ihò róbótó ni kí wẹ́dà lu fún bóòtù mọ́tọ̀, bí kò ṣe ihò gígùn. Mọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ lè sún mọ́ ẹ̀rọ ìlọta ní nǹkan bí íńṣì kan àti ààbọ̀ kí bẹ́líìtì tó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kó sì lè sún sẹ́yìn ní nǹkan bí íńṣì méjì fún ìgbà tí rọ́bà bá nà. Ibi tí àyè yìí kò bá sí, wọ́n á fi irin ti bẹ́líìtì wọlé tipátipá. Okùn inú á sì já lápá kan, tí ojú kò ní rí i títí bẹ́líìtì yóò fi yípo tàbí já lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.