Ẹ̀rọ kọ 95%, ìdánwò ò tíì parí

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi í dáhùn. Ẹnì kan ní ojú-ewé ìtajà tí ìpolówó ń kó èèyàn wá sí. Ó ṣe ẹ̀dà kejì, ó yí àkọlé rẹ̀ padà, ó sì ní kí ẹ̀rọ máa pín àwọn àlejò sí méjì dọ́gbadọ́gba, kí apá kan rí A, kí apá kejì rí B. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí mi. B ti borí, àwọ̀ ewé ti yọ, 95% wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti pa A rẹ́ kó tó fi ránṣẹ́.

Pé kéèyàn dán nǹkan wò sàn ju kó máa méfò lọ, a ò jiyàn ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìgbàgbọ́ pé ìgbàkigbà tí ẹ̀rọ bá ti kọ 95 ni iṣẹ́ ti parí.

Ẹ wo iye tó wà nínú àwòrán náà. Àlejò 400 rí A, èèyàn 8 ra ọjà. Àlejò 400 rí B, èèyàn 18 rà á. Tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 95 náà wọlé lóòótọ́, àmọ́ agbára káká ni. Ká ní márùn-ún péré nínú àwọn 18 yẹn ló ṣèèṣì bọ́ sọ́dọ̀ A, 13 sí 13 ni ì bá jẹ́. Èèyàn márùn-ún ló ní ká da ojú-ewé kan nù!

Kí tiẹ̀ ni 95 yẹn ń sọ? Kò sọ pé ó dájú tó 95 nínú 100 pé B sàn ju A. Ohun tó ń sọ ni pé, ká ní ojú-ewé méjèèjì ò yàtọ̀ rárá, tí a sì wò ó lẹ́ẹ̀kan, lórí iye àlejò tí a ti dá sílẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà 5 nínú 100 ni èèṣì lè gbé irú àlàfo bẹ́ẹ̀ jáde. “Lẹ́ẹ̀kan” yẹn ni gbogbo wọn máa ń fò. Láti 1969 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta, Armitage, McPherson àti Rowe, ti ṣírò rẹ̀ sílẹ̀: tí o bá yẹ àbájáde wò lẹ́ẹ̀marùn-ún bí ìdánwò ṣe ń lọ, tí o sì ṣe tán láti dúró níbi tí 95 bá ti yọ, 5 yẹn á di nǹkan bí 14. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó di 19. Ẹni tó ń ṣí i wò láràárọ̀ ńkọ́? Ńṣe ló dà bí ẹni tó gba fèrè lọ́wọ́ rẹfirí, tó ń dúró de ìgbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ bá ṣíwájú kó lè fun ún.

Iye àlejò tó tó, ìṣirò kékeré kan wà fún un:

```
n = 16 * p * (1 - p) / d^2
```

n ni àlejò tí apá kọ̀ọ̀kan nílò. d ni àlàfo tó kéré jù tó o fẹ́ rí. p ni ìpín àwọn tó ń rà, ní agbedeméjì ibi tó wà báyìí àti ibi tó o fẹ́ kó dé. Ká ní èèyàn 3 nínú 100 ló ń rà, tó o sì fẹ́ mọ̀ bóyá àkọlé tuntun lè gbé e dé 3.6. p jẹ́ 0.033, d jẹ́ 0.006. Apá kan á gba àlejò bí 14,000. Àlejò 100 ló ń wọ apá kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa, nítorí náà, 140 ọjọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò.

Níbi tí àlejò ò bá ti pọ̀, mo rò pé kí a fi àkọlé sílẹ̀, kí a dán ohun ńlá wò. Tó bá jẹ́ pé láti 3 dé 6 lo ń wá, bí àlejò 750 á tó apá kan. Ṣé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n? Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Mi ò sì sọ pé wíwò jẹ́ èèwọ̀ pátápátá o. Ọgbọ́n wà tó gba wíwò láyè, àmọ́ ó máa ń béèrè ju 95 lọ nígbà kọ̀ọ̀kan tó o bá wò. Ẹ yẹ ohun èlò tiyín wò bóyá irú rẹ̀ ló ń lò.

Ó ṣeé ṣe kí B sàn lóòótọ́. Àmọ́ ẹ má lọ ṣèlérí fún ọ̀gá yín pé títà máa ju ìlọ́po méjì lọ, torí èyí tí a bá dá dúró níbi tó ti ga jù, ó sábà máa ń tóbi lójú ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ sì jẹ́ kó kárí ọ̀sẹ̀ odindi, nítorí pé ẹni tó ń wọlé lọ́jọ́ Ajé kì í sábà ṣe bíi ti ọjọ́ Àìkú. Mo bi ọ̀rẹ́ wa nípa ìyẹn. Ọjọ́bọ̀ ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló pa A rẹ́. Mo ní kó dá A padà ká tún un ṣe. Ó ní òun ò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.