Iṣẹ́ Kékeré Tí Ọmọṣẹ́ Oníná Fi Ń Rí Owó n'Íbàdàn

Ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná kì í gba owó oṣù. Bí ọ̀gá bá mú un lọ síbi iṣẹ́, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ló sábà máa ń kàn án. Àtúnṣe kéékèèké táwọn aládùúgbò ń pè é sí nírọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ Àìkú ló ń mú owó tirẹ̀ wá, pàápàá ládùúgbò ilé àtijọ́ bí Òkè-Àdó àti Bẹẹrẹ, níbi tí wáyà ti pẹ́ nínú ògiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í bínú sí i, bó bá ti sọ fún wọn ṣáájú, tí kì í sì í ṣe oníbàárà ṣọ́ọ̀bù ló gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ká ní ìyá kan sọ pé bí òun bá ti fi áyọ́ọ̀nù sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, òórùn ike tó ń jó á gba ilé kan. Áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì ń fa nǹkan bí áńpù 5, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì lè gbé 13. Ẹrù kò pọ̀ jù fún un. Síkúrù tó di wáyà mú ló sábà máa ń tú. Ibi tí wáyà kò bá ti fara kan irin dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń gbóná, ooru yẹn á sì tún máa bà á jẹ́ sí i.

Ọmọṣẹ́ á pa iná láti bọ́ọ̀dù, á sì kìlọ̀ fáwọn ará ilé kí wọ́n má tàn án. Á kọ́kọ́ fi tẹ́sítà wo ibi tí iná wà, kó lè dá a lójú pé tẹ́sítà ọ̀hún ń ṣiṣẹ́, kó tó pa bọ́ọ̀dù kó sì wá fi wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Bó bá jẹ́ orí wáyà nìkan ló dúdú, á gé e títí tí bàbà tó ń dán yóò fi yọ, á fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, á dè é le, á sì fọwọ́ fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò. Kò gbọdọ̀ mira. Lẹ́yìn náà, kí áyọ́ọ̀nù ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó pa iná, kó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣì gbóná, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ṣùgbọ́n bí dúdú yẹn bá wọnú ògiri lọ, tàbí tó bá rí i pé wáyà 1.5 tí wọ́n ń lò fún gílóòbù ni wọ́n fà síbẹ̀ dípò 2.5 tó nípọn jù ú lọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò lè yanjú rẹ̀. Kó pe ọ̀gá. Mítà ńkọ́? Ti IBEDC ni, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kó tó tú nǹkan kan ni kó dárúkọ owó méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦3,000, iṣẹ́ ₦2,500. Ó sàn kí ìyá náà ra sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá bu owó lé ọjà, ọjọ́ tí ìyá bá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á ní Ògùnpa, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. Iṣẹ́ tó bá pe ọ̀gá sí, ọ̀gá ló ni owó rẹ̀, á sì fún un lára rẹ̀.

Nínú owó wọ̀nyí ni irinṣẹ́ ti ń wá kó tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Tẹ́sítà ló yẹ kó kọ́kọ́ rà, nítorí èyí tó jẹ́ ti ọ̀gá kì í sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.