Ibi tí kómáǹdì tree ti wá, àti ìdí tí ìlà ẹ̀ fi ń dàrú nínú fáìlì

Tree ni kómáǹdì tó ń ya àwòrán bí fódà ṣe wà nínú fódà. Kí ọdún 1983 tó dé, kò sí ohun tó ń jẹ́ fódà inú fódà lórí kọ̀ǹpútà IBM PC. Èyí tí IBM gbé jáde lóṣù kẹjọ ọdún 1981, flọ́pì ló ń lò, flọ́pì ọ̀hún ò sì gbà ju 160 kílóbáìtì lọ, orúkọ fáìlì tó lè gba ojú ẹ̀ ò ju 64 náà lọ. Ẹni tó bá ti tẹ dir ti rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ wá máa ya àwòrán fún?

Oṣù kẹta ọdún 1983 ni nǹkan yí padà. IBM gbé PC XT jáde, háádì díìsìkì 10 mẹ́gábáìtì wà nínú ẹ̀, DOS 2.0, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, sì bá a dé lọ́jọ́ kan náà. Mẹ́gábáìtì 10 lójú wa lónìí kò tó fọ́tò méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n nígbà yẹn ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ló lè gbà, tí wọ́n bá sì da gbogbo ẹ̀ sójú kan ta ló máa rí tiẹ̀ mú? Ìyẹn ni wọ́n fi mú ọgbọ́n fódà inú fódà wọ DOS. Ọwọ́ Yúníìsì ni wọ́n ti rí i, Yúníìsì náà sì rí i lára Mọ́tíìsì, ètò kọ̀ǹpútà tó ṣáájú ẹ̀, tí Daley àti Neumann ti kọ ìwé nípa ètò fáìlì ẹ̀ láti 1965.

Wàhálà tó wá tẹ̀lé e ni pé ojú fódà kan ṣoṣo ni dir ń fi hàn. Tí fódà bá wà nínú fódà tó wà nínú fódà, o máa wọlé, o máa jáde, o máa tún wọ òmíràn, tó o bá fi máa parí o ti gbàgbé ibi tó o ti bẹ̀rẹ̀. Torí ẹ̀ ni IBM fi fi TREE sínú DOS 2.0 náà (MS-DOS tí Microsoft ń tà fáwọn tó kù ò tètè ní i, àfi ìgbà tí 3.2 dé). Àmọ́ kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mọ̀ yìí o. Kò sí ìlà kankan lára ẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ jáde kò ju kó kọ Path: kó kọ ojú ọ̀nà fódà kan síwájú ẹ̀, kó tún kọ Sub-directories: kó to orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀, kó wá bọ́ sórí fódà tó kàn. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ojú ìwé mẹ́ta lè kún kẹ́ ẹ má sì mọ ẹni tó bí ẹnì kan. Lójú tèmi o, kò wúlò tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà DOS 4.0, ní 1988, ló tó di àwòrán, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjàǹbá tó ń bá wa fà á dòní ti wọlé. Àwọn ìlà yẹn kì í ṣe àwòrán ní ti gidi, lẹ́tà ni wọ́n. Láti 1981 ni IBM ti ní tábìlì lẹ́tà kan nínú PC, kóòdù péèjì 437 ni wọ́n ń pè é, àyè 256 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì fi ìlà ìdúró, ìlà ìdùbúlẹ̀ àti igun sínú díẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn prógíráàmù lè rí nǹkan fi ya àpótí sójú síkíríìnì. Nọ́ńbà 195 ni ├, 196 ni ─, 192 ni └, 179 ni │. TREE kàn ń to nọ́ńbà yẹn tẹ̀lé ara wọn ni. Tí ohun tó bá ń kà á bá lo tábìlì 437, ìlà lẹ máa rí. Tó bá lo tábìlì míì ńkọ́?

Ọmọ iléèwé kan ní Kàbà níbí ló gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Ó ń kó ohùn àwọn àgbà Okun jọ fún iṣẹ́ àkànṣe ẹ̀, orin, oríkì, àlọ́, ó ti lọ sí Ìyàrá, ó ti lọ sí Ìsánlú, ó ṣe fódà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, olùkọ́ ẹ̀ wá ní kó tẹ ìlànà fódà náà sẹ́yìn ìwé kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ibi tí nǹkan wà. Ó tẹ èyí nínú Command Prompt lórí Wíńdòòsì, /F ló ní kó to fáìlì mọ́ fódà:

```
tree /F > ilana.txt
```

Ó dára lójú síkíríìnì kó tó fi ránṣẹ́ sínú fáìlì. Ó wá ṣí ilana.txt nínú Notepad, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo nǹkan, ṣé fáírọ́ọ̀sì kọ́ nìyí?" Ohun tó rí nìyí:

```
ÃÄÄÄbunu
³       orin.mp3
³
ÃÄÄÄijumu
³       oriki.mp3
```

Mo ní àbúrò, fara balẹ̀, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan, nọ́ńbà 195 yẹn náà ni. Tábìlì IBM ni tree fi kọ ọ́, tábìlì tí Notepad fi kà á jẹ́ ti Wíńdòòsì, 1252, nínú tìyẹn 195 ni Ã, 196 ni Ä, 179 ni ³. Fáìlì ò bàjẹ́ rárá, ẹni tó ń kà á ló mú ìwé atúmọ̀ tó yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí Ã tí Ä mẹ́ta tẹ̀ lé, ẹ má wulẹ̀ wá ibi tó ti wá mọ́.

Àtúnṣe tó yá jù ni /A, èyí tó ń fi àmì lásán tí gbogbo tábìlì jọ ní rọ́pò ìlà:

```
tree /F /A > ..\ilana.txt
```

Ó máa wá fi +--- ṣáájú fódà, \--- á sì wà níwájú èyí tó gbẹ̀yìn. Kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ṣì í kà, àti pé tẹ́ ẹ bá gbé e lọ tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé tí ẹ ò mọ irú Wíńdòòsì tó wà níbẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìlà gidi dandan, kó ṣí PowerShell dípò Command Prompt, kó tẹ tree /F | Out-File -Encoding utf8 ilana.txt, ìyẹn á túmọ̀ nọ́ńbà náà sí Yúníkóòdù, tábìlì ńlá tó gba lẹ́tà onírúurú èdè, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún wo .. tó wà níwájú ilana.txt lókè yẹn, ó nídìí. Àmì > máa ń kọ́kọ́ ṣẹ̀dá fáìlì ná kí tree tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fi fáìlì náà sínú fódà tẹ́ ẹ fẹ́ tò, orúkọ ilana.txt fúnra ẹ̀ máa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orin àti oríkì. Ẹ gbé e bọ́ síta.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí /A ò lè ṣe sí, ìyẹn ni orúkọ fódà. Kóòdù péèjì 437 ní à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ nítorí àwọn ará Yúróòpù, ṣùgbọ́n ẹ, ọ, ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí ọmọ náà pe fódà kan ní Ọ̀wọ́rọ̀, àmì ìbéèrè ló kún inú fáìlì, èyí kò sì dà bíi ti ìlà o, lẹ́tà yẹn ti sọnù pátápátá, kò sí tábìlì tẹ́ ẹ fi máa kà á tó máa padà wá, PowerShell gan-an ò lè gbà á nítorí ó ti sọnù kó tó dé ọwọ́ ẹ̀. A pe fódà náà ní oworo, a wá kọ orúkọ gidi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nínú ìwé.

Ọ̀dọ̀ Yúníìsì ló ti yàtọ̀. Àwọn tó ni fódà tipẹ́ yẹn ò ní tree láyé ọjọ́un, ls -R ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n fi find àti sed dọ́gbọ́n sí i, ọgbọ́n yìí ṣì ń rìn kiri dòní:

```
find . -print | sed -e 's;[^/]*/;|____;g;s;____|; |;g'
```

Gbogbo ohun tó ń ṣe kò ju pé ó sọ orúkọ fódà kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ọ̀nà di |____, ó wá pa èyí tó ṣáájú rẹ́ kó ku ìlà ìdúró nìkan. Tẹ́ ẹ bá wà lórí sáfà tí wọ́n ò fi tree sí, ó ṣì máa gbà yín sílẹ̀.

Èyí tó wà lórí Línọ́ọ̀sì lónìí, Steve Baker ló kọ ọ́, 1996 ni ọdún tó wà lára ẹ̀, kò sì jẹ́ ti Microsoft tàbí IBM lọ́nàkọnà, orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Kyosuke Tokoro ló bá a fi ọ̀rọ̀ tábìlì lẹ́tà sí i, òun ló jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ pé ẹ fẹ́ --charset=ascii, Francesc Rocher sì ṣe èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde bí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí UTF-8, ẹ, ọ, ṣ ń jáde wẹ́kú. Àmọ́ tí LANG, ìyẹn ètò èdè kọ̀ǹpútà, bá wà lórí C, bó ṣe wọ́pọ̀ lórí sáfà, ẹ máa rí \341\273\215 níbi tó yẹ kí ọ wà. Ẹ fi -N sí i, ó máa kọ ọ́ bó ṣe wà.

Ohun tí mo ń tẹ̀ fún ìwé ìlànà ni:

```
tree -L 2 --dirsfirst --noreport -I 'ayeoko|*.tmp' -o ../ilana.txt
```

-L 2 ni kó má rìn kọjá ìpele méjì, torí ohun tó bá gùn ju ojú ìwé kan lọ, èèyàn ò ní kà á. -I ń yọ ohun tí ẹ ò fẹ́ kó hàn, --noreport ń pa ìlà iye fódà tó wà nísàlẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá ń lo git tó sì ní tree ẹ̀yà 2.0 tó jáde ní ìparí 2021 lè fi --gitignore rọ́pò -I.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan nínú èyí tó jẹ́ ìlà gidi. Àlàfo méjì tó tẹ̀ lé │ kì í ṣe àlàfo lásán, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pín sí ìlà méjì ni, nọ́ńbà ẹ̀ nínú Yúníkóòdù ni U+00A0. Ojú ò lè dá a mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá nǹkan nínú fáìlì náà tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fi diff wé e mọ́ èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ̀, ó máa ní wọn ò bára mu, ẹ máa wò ó títí ẹ ò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan. Èyí máa pa á rẹ́:

```
sed -i 's/\xc2\xa0/ /g' ../ilana.txt
```